Irun dídì tó dé èjìká, oníbàárà fẹ́ kó dé àyà: báwo la ṣe ń ṣe é tí kò fi ní dà bí ohun tí a lẹ̀ mọ́ aṣọ?

Fọ́tò Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ya fọ́tò ọjọ́ ìbí fún màmá kan tó pé ẹni àádọ́ta ọdún. Irun dídì wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi àtáṣímẹ́ǹtì ṣe ló wà lórí wọn, ó dé èjìká, ẹnu rẹ̀ kàn ń fara kan aṣọ ni. Búláòsì léèsì aláwọ̀ wáìnì ni wọ́n wọ̀, sìkúínì sì wà káàkiri iwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí fọ́tò, gbogbo rẹ̀ dùn mọ́ wọn àfi irun. Wọ́n ní àyà ni àwọn ní kí onídìrí gbé e dé, àtáṣímẹ́ǹtì ló tán lọ́jọ́ náà. Wọ́n wá bi mí bóyá mo lè bá àwọn fà á gùn, mo sì ní mo lè ṣe é.

Mo ṣí Filter > Liquify, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá, mo wọ́ ẹnu irun náà wá sílẹ̀. Irun gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú dídì tó wà lẹ́nu rẹ̀ nà bíi rọ́bà, léèsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà bá a wọ́ lọ, òdòdó ara léèsì wá dà bí àbẹ́là tó yọ́. Mo tún gé gbogbo irun náà lódindi, mo kópì rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìyẹn wá dà bíi pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Photoshop ni mò ń lò, màúsì lásán ni mo ní. Fọ́tò náà jẹ́ píkísẹ́lì 4000 ní ìbú, 6000 ní òró. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ni mo fi yà á, apá òsì fọ́tò ló ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í?

Adúmáadán

Ẹ sọ fún màmá yẹn kí wọ́n má fa irun mọ́ o. Fífà yẹn ló ń jẹ́ kí iwájú orí pá. Tí wọ́n bá fẹ́ kó gùn, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi òrí pa ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi òwú kó o. Ọdún kan àbọ̀ ni tèmi fi dé èjìká, mi ò sì ra ohunkóhun kún un.

Fọ́tò Òṣogbo

Ẹ ṣé mà. Inú fọ́tò ni mo fẹ́ fà á gùn sí, kì í ṣe orí wọn.

Àdìó Kámẹ́rà

Fi Liquify sílẹ̀, àbúrò. Ṣí léyà tuntun, mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, fi dúdú fa irun náà láti ẹnu rẹ̀ wá sí àyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ṣí léyà mìíràn sábẹ́ rẹ̀, fi dúdú kùn ún bí òjìji, fi Gaussian Blur sí i, sọ Opacity di 30. Ó parí. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún méje, oníbàárà kan kò sì dá fọ́tò padà fún mi rí.

Ìyá Àwòrán

Àdìó, o kú iṣẹ́. O tọ̀nà pé orí léyà tirẹ̀ ni irun tuntun gbọ́dọ̀ wà, kí ó má ba fọ́tò jẹ́. Fún irun gbọọrọ tó tú sílẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lè gbé ọ dé ibì kan. Irun dídì ni ọmọ yìí ní, ìyẹn sì yàtọ̀.

Fọ́tò Òṣogbo, fẹ fọ́tò rẹ tó 200%, kí o wo ẹyọ irun kan ṣoṣo. Ojú dídì kọ̀ọ̀kan ní ibi tó yọ síta tó ń dán díẹ̀, kòtò dúdú kan sì là á sọ́tọ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Okùn tín-ín-rín kan tàbí méjì á sì ti bọ́ lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tẹ̀ léra wọn láti ìdí dé ẹnu. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè fún ọ ní ìyẹn, ó sì ti wà nínú fọ́tò rẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹnu irun lo fọwọ́ kàn, ibẹ̀ lo ti ṣì í. Onídìrí ti ki ẹnu yẹn bọ omi gbígbóná, ó ti tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ kó tó parí. Ibẹ̀ sì ni ojú èèyàn máa ń wò tó bá fẹ́ mọ ibi tí irun dé. Tí o bá fà á, á fẹ̀, ẹni tó ń wò ó á sì mọ̀ kódà bí kò bá lè sọ ohun tó rí. Àárín irun ni kí o fi kún. Gé ẹnu rẹ̀ bó ṣe wà, gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí o fẹ́ kó parí sí, kí o wá fi àárín irun kan náà dí àlàfo tó ṣẹ́ kù.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo kọ́kọ́ ka irun tó wà níwájú. Mi ò ní kó gbogbo wọn pọ̀ bí ìdì ìgbálẹ̀, méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń mú. Mo fi Pen Tool yí ẹnu wọn ká, mo sọ ọ́ di selection, mo tẹ Ctrl+J, ẹnu irun ti dá dúró lórí léyà tirẹ̀ nìyẹn. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo tún padà sórí léyà fọ́tò, mo mú ibi tó gùn tó sì tọ́ lára irun kan náà, láàárín àgbọ̀n àti èjìká, mo tẹ Ctrl+J, mo fi Ctrl+T gbé e wá sí àlàfo náà, mo yí i díẹ̀ kó má dúró bí ọ̀pá. Inú kòtò tó wà láàárín ojú dídì méjì ni mo ń so ó pọ̀ sí. Ibẹ̀ ti dúdú tẹ́lẹ̀, másìkì tí a fi búrọ́ọ̀ṣì píkísẹ́lì márùn-ún tàbí mẹ́fà tó rọ̀ kùn á sì mú ìsopọ̀ náà wọlẹ̀. Tí o bá so ó lórí ibi tó ń dán, á hàn.

Má jẹ́ kí ìsopọ̀ gbogbo irun wà ní ìlà kan náà. So ọ̀kan sókè, so èkejì sísàlẹ̀ díẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ẹ̀kẹta gba abẹ́ irun mìíràn níbi tí ojú kò lè dé. Bákan náà ni ẹnu wọn: bí wọ́n ṣe ga ju ara wọn lọ lórí èjìká náà ni kí wọ́n ṣe ga ju ara wọn lọ lórí àyà.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, kó léyà ìdì kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí o lo Edit > Puppet Warp. Kan píìnì kan mọ́ ibi tí irun ti kúrò lórí èjìká, kan ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ egungun àyà òkè, kan ọ̀kan sí ẹnu. Kó o wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi tẹ̀ lé ara. Irun kì í bọ́ láti èjìká tààrà bí ìgbín tó ń sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Á yí orí èjìká, á fò kọjá kòtò tó wà lábẹ́ egungun yẹn, kó tó tún bà lé orí ọmú.

Fọ́tò Òṣogbo

Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ mà. Irun mẹ́sàn-án ló wà lápá òsì, méje lápá ọ̀tún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó píkísẹ́lì 45. Ti òjìji ń kọ́?

Ìyá Àwòrán

Òjìji ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, torí òun ló sọ tìrẹ di pósítà.

Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé irun kò jìnnà sí aṣọ bákan náà níbi gbogbo. Lórí èjìká, irun jókòó lé aṣọ. Òjìji rẹ̀ tín-ín-rín, ó dúdú, etí rẹ̀ sì mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn rárá lábẹ́ irun. Nísàlẹ̀ egungun àyà, irun ti fò kúrò lára aṣọ, bóyá ìwọ̀n ìka kan. Níbẹ̀, òjìji á kúrò lábẹ́ irun, á lọ sí apá ọ̀tún, torí apá òsì ni fèrèsé rẹ wà. Á fẹ̀ sí i, á sì ṣú díẹ̀ láìní etí. Nígbà tí irun bá tún bà lé orí ọmú, òjìji á padà wọlé sábẹ́ rẹ̀. Drop Shadow tí ó wà nínú Layer Style kò lè ṣe èyí, torí bákan náà ló ń jìnnà sí irun láti òkè dé ilẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ojú ń rí tó fi ń sọ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni.

Nítorí náà, mo ń ṣe léyà òjìji méjì sábẹ́ irun, méjèèjì wà ní Multiply. Lórí fọ́tò tó tóbi tó tìrẹ, èyí tó wà níbi tí irun ti fara kan aṣọ, mo fún un ní Gaussian Blur bíi 4. Èyí tó wà níbi tí irun ti fò, bíi 18. Èyí kejì yìí ni mo máa ń sún sápá ọ̀tún bíi píkísẹ́lì 20 tàbí 25. Kí o tó dá a dúró, wo òjìji tí imú wọn jù sójú àti èyí tí àgbọ̀n jù sọ́rùn. Bó ṣe rọ̀ àti ibi tó kọjú sí ni tìrẹ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Èkejì ni àwọ̀ rẹ̀. Má lo dúdú. Mú Eyedropper, tẹ ibi tí léèsì náà ti pọ́n ṣú nínú ìṣẹ́po apá, kí o fi àwọ̀ yẹn kùn. Òjìji ara aṣọ wáìnì, wáìnì tó ṣókùnkùn ni. Tí o bá fi dúdú ṣe é, á dà bí eérú tó kù sára aṣọ.

Àdìó Kámẹ́rà

Ìyá Àwòrán, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ dúdú tàbí aró tó kún, mo rò pé dúdú ṣì máa ń bá a mu.

Ìyá Àwòrán

Lórí aṣọ dúdú, gbà bẹ́ẹ̀. Lórí aró, mi ò gbà. Aró máa ń padà di búlúù nínú òjìji rẹ̀, pàápàá tí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti ìta.

Tẹ́lọ̀ Abẹ́òkúta

Mo ń ránṣọ, mi ò mọ Photoshop, ọmọ mi ló ń ya fọ́tò. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa léèsì. Léèsì ní ojú ihò. Tí irun bá wà lórí rẹ̀, òjìji kì í dúró lórí aṣọ nìkan, á gba inú ihò bọ́ sórí ara tàbí sórí láíníìnì tó wà lábẹ́. Wo léèsì tó wà lọ́rùn níbi tí ṣéènì wọn ti jù òjìji, ẹ̀ ẹ́ rí i. Sìkúínì náà kì í dán tí irun bá dí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹyọ kan máa tàn lábẹ́ òjìji bí ìràwọ̀.

Ìyá Àwòrán

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo ń gbàgbé ti sìkúínì lọ. Multiply kì í pa ibi tó funfun pátápátá, á kàn sọ ọ́ di wáìnì tó mọ́lẹ̀. Lórí léyà tuntun lábẹ́ òjìji, mú Clone Stamp, kí o yan Sample: Current & Below, kí o kópì sìkúínì tí kò tàn wá borí èyí tó tàn. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń nílò rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pẹ́kámù

Ẹ kú ìjókòó. Mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òdì kejì èyí ni tèmi. Wíìgì gbọọrọ ni àbúrò mi dé síbi ìdána rẹ̀, ó bo ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ọrùn àti apá kan nínú aṣọ òkè tí ó ró mọ́ àyà. Ó ní kí n gé irun náà sókè dé àgbọ̀n nínú fọ́tò kí iyùn lè hàn. Mo rò pé gígé ló máa rọrùn ju fífà lọ. Mo pa irun rẹ́ tán, mo wá rí i pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀! Mo lo Healing Brush láti dí i, gbogbo etí ibẹ̀ ṣú bí ẹni tí iná ẹ̀fín kàn.

Ìyá Àwòrán

Gígé ló le jù. Ẹni tó ń fa irun gùn ní irun lọ́wọ́. Ẹni tó ń gé e gbọ́dọ̀ wá aṣọ tí kámẹ́rà kò rí.

Ohun tó ṣú yẹn, Healing Brush ló fà á. Ó máa ń pò àwọ̀ etí ibi tí o ń tún ṣe mọ́ ọn, etí tìrẹ sì jẹ́ irun dúdú, ó wá fa dúdú wọ inú aṣọ. Clone Stamp ni kí o lò títí irun á fi kúrò pátápátá, lẹ́yìn náà ni Healing Brush tó lè ṣe àtúnṣe kékeré.

Fún aṣọ òkè, wo ilà rẹ̀. Ó tọ́, ó sì ń lọ láìyà. Tẹ Alt sórí ilà kan níbi tó ti hàn, kó o máa kùn tẹ̀ lé ilà yẹn wọ abẹ́ irun, ilà kan lẹ́yìn òmíràn. Má ṣe kùn ún ní ìbú. Ilà á yà díẹ̀ níbi tó ti ń yí àyà, Edit > Transform > Warp á bá ọ tẹ̀ ẹ́.

Fún iyùn, ka ẹyọ rẹ̀ lápá tó hàn. Tí apá kejì bá ṣí sílẹ̀, kópì rẹ̀, tẹ Edit > Transform > Flip Horizontal. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ náà á yí padà. Tí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ bá ń dán lápá òsì, èyí tí o yí á máa dán lápá ọ̀tún. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré gba pé kó o fi Clone Stamp mú àmì dídán yẹn kúrò, kí o tún un fi sápá tó yẹ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba àkókò, mi ò ní tàn ọ́.

Tẹ́lọ̀ Abẹ́òkúta

Lórí yíyí aṣọ padà, ẹ ṣọ́ra. Léèsì tí wọ́n ran dáadáa, iwájú òsì àti iwájú ọ̀tún sábà máa ń kọjú síra wọn, ẹ lè yí i. Ankara kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹyẹ inú rẹ̀ bá kọjú sí ọ̀tún ní apá kan, ó kọjú sí ọ̀tún ní apá kejì náà, torí ọ̀nà kan ni aṣọ náà gbà wá. Ẹni tó mọ aṣọ á rí ẹyẹ tó yí ojú padà kíákíá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pẹ́kámù

Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ kú làákàyè. Ṣé ẹnu irun wíìgì náà, níbi àgbọ̀n, mo lè kàn gé e tààrà?

Ìyá Àwòrán

Rárá o. Bá a ṣe fi kún àárín nígbà tá à ń fà á gùn, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń yọ àárín nígbà tá à ń gé e. Gé ẹnu irun ìsàlẹ̀ tó tín-ín-rín tó sì tú ká, gbé e gòkè wá sí àgbọ̀n, kí o fi másìkì pò ó mọ́ irun tó wà lókè. Ẹnu irun gidi ni, ó ti mọ bí a ṣe ń parí. Rántí pa òjìji àtijọ́ tí irun gígùn jù sára aṣọ rẹ́, èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Irun ti kúrò, òjìji rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀.

Jẹ́ kí ìrísí irun náà bá gígùn tuntun rẹ̀ mu: wíìgì gbọọrọ á wolẹ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀, èyí tó kúrú á fẹ̀ díẹ̀ létí. Ibẹ̀ yẹn ni Liquify ti wúlò, fún fífẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe fún gígùn.

Fóònù Ni Mo Fi Ń Ṣe É

Èmi fi Liquify fa irun gùn tó ìwọ̀n ìka méjì lọ́sẹ̀ yìí, ó sì dára. Mi ò rò pé ó burú tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àwòrán

Irun wo ni, orí aṣọ wo ni?

Fóònù Ni Mo Fi Ń Ṣe É

Irun tó tú sílẹ̀, orí aṣọ aláwọ̀ kan tí kò ní iṣẹ́ ọnà.

Ìyá Àwòrán

Ó máa ń ṣeé ṣe níbẹ̀. Kò sí ojú dídì tí yóò fẹ̀, aṣọ náà kò sì ní ohun tí yóò wọ́. Mo gbà fún ọ.

Àdìó Kámẹ́rà

Mo tún fẹ́ gbè fún búrọ́ọ̀ṣì mi. Òun náà la fi ń ṣe okùn tín-ín-rín tó ń yọ lára irun.

Ìyá Àwòrán

Lóòótọ́. Fún ẹni tó ní màúsì, ọ̀nà tó rọ mí lọ́rùn ni kí o mú Brush, sọ ọ́ di píkísẹ́lì 2 tàbí 3, ṣí Brush Settings, tan Shape Dynamics, kí o yan Control: Pen Pressure lábẹ́ Size Jitter, kí o fi Pen Tool fa ilà tó tẹ̀, kí o tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, Stroke Path, kó o yan Brush kí o sì fi àmì sí Simulate Pressure. Okùn náà á tín-ín-rín ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí láìní pẹ́ẹ̀nì. Àwọ̀ rẹ̀, mú un láti ibi tó ń dán lára irun. Lára irun dídì, mẹ́wàá tó. Tó bá ti pọ̀ jù, irun tuntun á dà bí èyí tó ti pẹ́ lórí.

Kí o tó fi ránṣẹ́, ṣe nǹkan kan. Lórí gbogbo léyà, fi Curves kan sí i, kí o gbé apá tó ṣókùnkùn sókè gidigidi. Irun dúdú ń fi ìsopọ̀ pamọ́ lójú rẹ, fóònù oníbàárà tó mọ́lẹ̀ gan-an sì lè tú u. Lábẹ́ Curves yẹn, ìsopọ̀ tí kò dára á hàn bí ìlà. Tún un ṣe, kó o pa Curves náà rẹ́. Tún wò ó lórí ọ̀rọ̀ bó ṣe mú sí: tí ojú bá mú tí àyà rọ̀ díẹ̀ nítorí lẹ́ńsì, irun tí o gbé wá láti ẹ̀gbẹ́ ojú á mú ju aṣọ tó jókòó lé lọ. Gaussian Blur 0.6 tàbí 0.8 á tó fún un, lẹ́yìn náà Add Noise díẹ̀, Monochromatic, kó bá yanrìn fọ́tò mu.

Fọ́tò Òṣogbo

Ẹ̀yin mà, mo ti ṣe é. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà mí. Apá òsì tí irun mẹ́sàn-án wà ni mo kọ́kọ́ ṣe, mo sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, mo so mẹ́ta nínú wọn ní ìlà kan náà bí ẹ ṣe sọ pé kí n má ṣe, ó hàn bí ìgbà tí wọ́n fi okùn dì wọ́n. Mo gbé ìsopọ̀ àárín sókè sábẹ́ irun kejì, ó wọlẹ̀.

Òjìji ló yà mí lẹ́nu jù. Ṣáájú, mo fi ìwọ̀n kan náà sí i láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tí mo pín in sí méjì, tí mo sún èyí tó wà nísàlẹ̀ egungun àyà sápá ọ̀tún ní píkísẹ́lì 22, irun náà kúrò lára aṣọ lójú mi. Mo rí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn. Mo pa sìkúínì mẹ́fà.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù tí mi ò mọ̀. Nígbà tí mo gbé Curves yẹn sókè, ẹ̀gbẹ́ irun tuntun tó kọjú sí aṣọ, ó dúdú ju ti irun tó wà lórí èjìká lọ. Irun ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo kópì, ọrùn kò sì fún un ní àwọ̀ wáìnì kankan.

Ìyá Àwòrán

O ṣe dáadáa, ọmọ mi. Ohun tí o rí yẹn, aṣọ ló ń ju àwọ̀ sára irun. Nítòsí èjìká, ìmọ́lẹ̀ ń bà lé léèsì, ó ń ta padà sábẹ́ irun ní pupa díẹ̀. Ṣí léyà kan, tẹ Alt+Ctrl+G kó dì mọ́ léyà irun nìkan, sọ ọ́ di Soft Light, kí o fi àwọ̀ léèsì kùn ún ní etí ìsàlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, Opacity 15 tàbí kó dín.

Àdìó Kámẹ́rà

Èmi ó lo Color dípò Soft Light. Soft Light kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ohun tó dúdú gan-an.

Ìyá Àwòrán

Color á yí àwọ̀ ibi tó ń dán náà padà, irun á dà bí èyí tí wọ́n fi aró rẹ. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí.

Àdìó Kámẹ́rà

Tí o bá fi másìkì yọ ibi tó ń dán kúrò, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Fọ́tò Òṣogbo, gbìyànjú méjèèjì, kí o sọ fún wa èyí tó bá irun dídì mu.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pẹ́kámù

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan tí kò bá èyí tan. Àbúrò mi ní kí n tún gé irun rẹ̀ nínú fọ́tò páspọ̀tù bákan náà.

Ìyá Àwòrán

Má ṣe é. Fọ́tò páspọ̀tù kì í gba àtúnṣe, ó gbọ́dọ̀ rí bí ẹni náà ṣe rí. Kó di irun rẹ̀ sẹ́yìn, kí o tún un yà.

Tẹ́lọ̀ Abẹ́òkúta

Ọmọ mi ní kí n bá òun béèrè: tí aṣọ bá wà nílé oníbàárà títí di ìsinsìnyí, ṣé a kò lè lọ ya aṣọ náà nìkan lábẹ́ fèrèsé kan náà, kí a fi dí ibi tí irun bò?

Ìyá Àwòrán

Ẹ sọ fún un pé ó ti ṣe mí láǹfààní nínú iṣẹ́ púpọ̀, ó dára ju Clone Stamp lọ. Kí ẹnì kan tó ní ara bíi ti oníbàárà wọ̀ ọ́, kí ó má gbé e sórí tábìlì, torí aṣọ tó wà lórí tábìlì kò ní ìṣẹ́po ara. Wákàtí kan náà ni kí wọ́n yà á, kí kámẹ́rà ga bó ṣe ga lọ́jọ́ yẹn, kí ó sì jìnnà bákan náà.

Fọ́tò Òṣogbo

Mo gbìyànjú Soft Light àti Color. Lórí irun mẹ́sàn-án apá òsì tí ìmọ́lẹ̀ wà, Soft Light ló dára jù. Lápá ọ̀tún tó ṣókùnkùn, Soft Light kò hàn rárá, Color ti Àdìó pẹ̀lú másìkì ló mú un. Mo ti fi ránṣẹ́ sí màmá náà. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì gígùn ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mo ń bẹ̀rù pé ìsopọ̀ lè hàn níbẹ̀. Ẹni tó ti tẹ irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.